Ẹ Gbé E Sínú Omi Tutù Kí Ẹ Tó Gbé E Sínú Ọkọ̀

Nọ́ọ̀sì yín tún dé. Àsìkò ooru ti wọlé, àwọn ilé ìwé sì ti ń múra sílẹ̀ fún eré íńtáhaòsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí gan-an ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sí pápá láti sáré. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí dá lórí ohun tí ooru ń ṣe sí ẹni tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù, àti bí a ṣe lè gbà á lọ́wọ́ ikú. Ìtàn ni mo máa fi sọ ọ́, torí pé kò sí òfin kan nínú èyí tí mo máa kà sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí kì í ṣe pé ẹnì kan ti fara gbá a kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ó gùn díẹ̀. Ẹ bu omi sí ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

*Rẹfirí tó fọn fèrè kí àkókò tó tó*

Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2022, Tùnísíà àti Málì pàdé nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìlú Limbe, létí òkun ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Rẹfirí wọn ni Janny Sikazwe, ọmọ orílẹ̀-èdè Sáńbíà. Kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà, ó ti ṣe rẹfirí ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí.

Nígbà tí eré dé ìṣẹ́jú 85, Sikazwe fọn fèrè pé eré ti parí. Àwọn Tùnísíà, tí Málì ti fi góòlù kan ṣáájú wọn, figbe ta. Ó dá eré padà. Àmọ́ kí ìṣẹ́jú 90 tó pé, ó tún fọn fèrè, ó sì parí eré náà pátápátá. Gbogbo Áfíríkà fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá ẹ̀yin náà rí fídíò rẹ̀ lórí fóònù yín, tí ẹ sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá àwọn rẹfirí ìdíje náà wá ṣàlàyé pé ooru ló mú un débi pé orí rẹ̀ dàrú, àti pé ilé ìwòsàn ló gbà lọ lẹ́yìn eré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìka tọ́ ibì kan nínú ìtàn yìí. Sikazwe kò ṣubú, kò sì dákú. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, fèrè wà lẹ́nu rẹ̀, aago wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ lórí àkókò ti yẹ̀. Bí ooru ṣe ń ṣe nìyẹn. Kí ó tó gbé èèyàn ṣánlẹ̀, orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ dàrú. Ẹni tó bá mọ èyí yóò rí àmì náà nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé tún ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò máa rẹ́rìn-ín, tàbí kó máa nàka ẹ̀bi sí ọmọ pé ó ń ya ọ̀lẹ.

*Àmù ìyá wa àti òógùn ara*

Ara èèyàn máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí tẹ̀mómítà. Bí ọmọ bá ń sáré, iṣan itan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń pèsè ooru bí iná àdògán. Ara gbọ́dọ̀ lé ooru yìí jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa ga sí i. Òógùn ni ara fi ń lé e.

Ẹ rántí àmù tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí kọ̀rọ̀ ilé. Kò sí iná mànàmáná, kò sí fìríìjì, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ tutù. Ìdí rẹ̀ ni pé omi díẹ̀díẹ̀ ń yọ jáde lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, bí ó sì ti ń gbẹ ló ń mú ooru lọ. Bí òógùn ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Òógùn tó kàn ń kán sílẹ̀ kò mú ooru lọ, èyí tó gbẹ lára ló ń mú un lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló lè ba iṣẹ́ àmù ara jẹ́. Èkíní ni kí omi inú rẹ̀ máa tán, kí ọmọ máa làágùn láìmu omi. Èkejì ni kí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, kí òógùn má lè gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: oòrùn lè má mú jù, síbẹ̀ aṣọ tí ẹ sá láti àárọ̀ ṣì tutù lọ́wọ́ ọ̀sán. Ẹ̀kẹta ni kí nǹkan bo ara, bí aṣọ tó nípọn, ọ̀rá tí àwọn kan ń wọ̀ láti fi fọn sanra, tàbí ìpara tó ki.

*Àwọn méjì tó sáré ní Stockholm*

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1912, wọ́n sá eré ìje tó gùn ju gbogbo eré lọ nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sùwídìn. Ó lé ní 40 kìlómítà. Ọ̀sán ni, ooru sì mú gan-an lọ́jọ́ náà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ni kò parí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni Francisco Lázaro, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, tó ń ṣe iṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ìtàn sọ pé ó fi ọ̀rá pa ara kí oòrùn má baà jó o. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ó dà bí ẹni fi òróró kun àmù láti ìta. Ó ṣubú ní nǹkan bíi 30 kìlómítà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó sì kú. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kú nítorí eré nínú ìdíje Òlíḿpíìkì òde òní.

Ọ̀kan mìíràn nínú eré yẹn ni Shizō Kanakuri, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù. Ooru mú òun náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí agara dá a, ó yà sínú ọgbà ẹbí kan létí ọ̀nà. Wọ́n fún un ní omi èso mu, ó sinmi. Ojú tì í láti padà síta, nítorí náà ó wá bí ó ṣe máa lọ sílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Sùwídìn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọnù. Ní ọdún 1967, wọ́n pè é padà kí ó wá parí eré rẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 75 ni nígbà náà. Ó sáré wọ òpin, wọ́n sì kéde pé eré rẹ̀ gba ọdún 54, oṣù 8 àti ọjọ́ 6. Ó gbé ayé títí di ọdún 1983, ó sì pé ẹni ọdún 92.

Ẹ wo àwọn méjèèjì. Eré kan náà, oòrùn kan náà. Ọ̀kan ń fi agbára lọ títí ara fi kọ̀. Èkejì dúró, ó mu, ó sinmi, ó sì dàgbà dàgbà. Ọmọ tó bá jókòó létí pápá pé ó ti rẹ òun, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Kanakuri ni ẹ ń wò yẹn.

*Àwọn ọmọ ogun Parris Island*

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ogun àti àwọn kóòṣì gbà pé a lè fi àìmu omi kọ́ ara ní agbára. Wọ́n ní ẹni tó bá ń mu omi láàárín iṣẹ́ yóò di aláìlera. Ọ̀pọ̀ kóòṣì wa ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní. Kò sí òtítọ́ nínú rẹ̀. Ara kò lè kọ́ bí a ṣe ń gbé láìsí omi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni Parris Island, erékùṣù kan ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun. Ibẹ̀ gbóná, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀ àti omi. Lọ́dọọdún ni ooru ń gbé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ìlera ṣánlẹ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Constantin Yaglou láti Yunifásítì Harvard àti David Minard, dókítà iṣẹ́ ológun, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé tẹ̀mómítà kan ṣoṣo tí a gbé sínú ìbòòji kò sọ gbogbo òtítọ́. Wọ́n wá lo mẹ́ta: ọ̀kan tí a fi aṣọ tútù wé, ọ̀kan tó wà nínú bọ́ọ̀lù dúdú tí oòrùn ń pa, àti ọ̀kan lásán. Wọ́n pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ di iye kan. Nínú ipin mẹ́wàá iye náà, èyí tí aṣọ tútù wé ló kó ipin 7. Bọ́ọ̀lù dúdú kó 2, tẹ̀mómítà lásán kó 1 péré.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ń sọ: omi inú afẹ́fẹ́ léwu ju ìràn oòrùn lọ. Ọjọ́ tí aṣọ kò gbẹ lórí okùn, tí ojú ọ̀run sì ṣú díẹ̀, lè ṣe ọmọ ní jàǹbá ju ọjọ́ tí oòrùn ń ràn tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àsíá aláwọ̀ oríṣiríṣi lórí pápá: bí iye náà bá ti ń ga sí i, àsíá yóò yí padà, tí ó bá sì di dúdú, iṣẹ́ líle dúró. Wọ́n tún ń bu iṣẹ́ kù fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, torí ara nílò nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kí ooru tó mọ́ ọn lára. Láàárín àkókò náà, ara ń kọ́ láti tètè làágùn, láti má ṣe jẹ́ kí iyọ̀ bá òógùn lọ púpọ̀, àti láti fi omi kún ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ń ṣubú sì dínkù.

Ìlànà yìí kan náà ni àwọn ilé ìwé girama ní ìpínlẹ̀ Georgia gbà ní ọdún 2012. Bí iye náà bá lé ní 32, wákàtí kan péré ni ọmọ lè fi ṣeré, wọn yóò sì fi 20 ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ sinmi. Bí ó bá lé ní 33, kò sí eré níta rárá. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe iye tí fóònù yín ń fi hàn ni mo ń sọ o. Iye ti tẹ̀mómítà mẹ́ta yẹn ni, ó sì yàtọ̀.

*Wákàtí tó ṣòfò ní Maryland*

Ìtàn tó kù yìí ló dùn mí jù, torí pé gbogbo ìmọ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Jordan McNair jẹ́ ọmọ ọdún 19, agbábọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù tiwọn ti Amẹ́ríkà ní Yunifásítì Maryland. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2018, wọ́n ní kí wọ́n sáré 110 yáàdì ní ìgbà mẹ́wàá. Ooru ọjọ́ náà kò tilẹ̀ tó ti ọ̀sán wa níhìn-ín. Nígbà tí eré fẹ́ parí, agbára tán nínú rẹ̀, kò lè dá dúró. Wọ́n mú un rìn, wọ́n mú un wọlé, wọ́n ń wò ó bóyá yóò gbádùn. Ó lé ní wákàtí kan lẹ́yìn tí àmì àkọ́kọ́ yọ kí wọ́n tó pe ọkọ̀ áńbúláǹsì. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, ooru ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 41. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti fi ti ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, ó kú.

Ìwádìí fi hàn pé kò sẹ́ni tó gbé e sínú omi tutù. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n sọ ni pé ọmọ náà tóbi, wọ́n ń bẹ̀rù kí ó má baà rì. Ààrẹ yunifásítì náà jáde sí gbangba, ó ní ẹ̀bi náà jẹ́ tiwọn. Àwọn òbí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, kí òbí mìíràn má baà gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ fi wé Falmouth, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Lọ́dọọdún nínú oṣù kẹjọ, wọ́n máa ń sáré bíi kìlómítà 11 níbẹ̀. Àwọn oníṣègùn gbé àwọn ọpọ́n ńlá tó kún fún omi àti yìnyín sí òpin eré. Ẹni tí ooru bá gbé, inú omi ló ń lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ọdún 18, wọ́n rí 274 èèyàn tí ìkọlù ooru tó le jù mú. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó kú.

Ìyàtọ̀ Maryland àti Falmouth kì í ṣe dókítà tó mọ̀wé jù. Omi ni, àti ìṣẹ́jú. Bí ara bá wà lókè ìwọ̀n 40 fún ìgbà pípẹ́, ó ń se ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ọpọlọ. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín 30 ìṣẹ́jú, ó sábà máa ń bọ́. Ní àdúgbò wa, ṣé a lè dé ilé ìwòsàn, kí a gba káàdì, kí dókítà sì dé ọ̀dọ̀ ọmọ láàárín 30 ìṣẹ́jú? Ẹ̀yin náà mọ ìdáhùn. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́jú fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí pápá.

*Bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n*

Ìpele méjì ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ìkíní ni kí ooru rẹ èèyàn: orí ń fọ́ ọ, òòyì ń kọ́ ọ, èébì ń gbé e, iṣan ẹsẹ̀ ń sún kì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Bí ẹ bá bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà, yóò dá yín lóhùn bó ṣe yẹ. Ẹ gbé e sínú ìbòòji, kí ó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹ da omi sí i lára, kí ẹ sì fún un ní omi mu. Bí ara rẹ̀ kò bá yá lẹ́yìn 30 ìṣẹ́jú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìkejì ni ìkọlù ooru fúnra rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni orí. Ọmọ ń sọ ìsọkúsọ, ó ń bínú láìnídìí, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mu ọtí, ó ń sáré gba ibi tí kì í ṣe ọ̀nà, ó ń gbọ̀n, tàbí ó dákú. Ẹ má ṣe dúró de kí ara rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó gbà pé ooru ni. Ẹni tó ń sáré lè máa làágùn yọ̀bọ̀ nígbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbóná jù. Ẹ má sì gbára lé tẹ̀mómítà abẹ́ abíyá, torí òógùn ń tàn án jẹ, ó lè sọ pé ara dára nígbà tí inú ń jó. Bí orí bá dàrú nínú ooru, ẹ mú un bí ìkọlù ooru.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ṣubú lórí pápá ni ooru gbé. Ẹ̀yin àgbà rántí Samuel Okwaraji, tó ṣubú nínú eré Nàìjíríà àti Àńgólà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ló tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹni tó ṣubú kò bá mí tàbí tí kò mí bó ṣe yẹ, omi kọ́ ló kàn. Ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, kí ẹ má dáwọ́ dúró, kí ẹlòmíràn máa pe ìrànlọ́wọ́.

*Ohun tí ẹ ó ṣe, ní ẹsẹẹsẹ*

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ ọdún 14 kan ń sáré 800 mítà ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní yípo kejì, ó kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó ń rìn lọ sí ẹ̀yìn góòlù. Kóòṣì pè é, ó dáhùn pé òun fẹ́ lọ ra búrẹ́dì, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ṣú.

Kóòṣì kò gbọ́dọ̀ ní kí ó dìde. Kí ẹnì kan pe 112, tàbí 767 bí ẹ bá wà ní Èkó, kí òun náà wá ọkọ̀. Kí àwọn yòókù bọ́ bàtà àti aṣọ òkè rẹ̀, kí wọ́n gbé e sínú ọpọ́n ńlá tó ní omi, kí omi dé ọrùn rẹ̀. Ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a lábẹ́ abíyá méjèèjì mú kí orí má baà rì. Ẹ rántí ohun tí wọ́n bẹ̀rù ní Maryland: ọwọ́ ẹnì kan tó dì í mú ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ da yìnyín sí i bó bá wà, kí ẹ sì máa ro omi náà. Bí kò bá sí yìnyín, omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́.

Bí kò bá sí ọpọ́n tó gbà á, ẹ tẹ́ tápólì sílẹ̀, ẹ gbé ọmọ sí àárín, kí èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà gbé etí rẹ̀ sókè bí ẹni gbé ìtẹ́, kí ẹ wá da omi sínú rẹ̀. Bí tápólì kò bá sí, ẹ máa da omi lé e láti ọrùn dé ẹsẹ̀ láìdáwọ́ dúró, kí àwọn mìíràn máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ kà 20 ìṣẹ́jú lórí aago, tàbí títí orí rẹ̀ yóò fi pé tí yóò máa sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kódà bó bá ti ń rẹ́rìn-ín, ó gbọ́dọ̀ lọ, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ wò.

Ẹ má da omi sí i lẹ́nu nígbà tí orí rẹ̀ kò pé, ó lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu bó bá ń gbọ̀n. Ẹ má fún un ní parasitamọ́ọ̀, kì í ṣe irú ibà tí ó ń wò nìyí, ó sì lè dá kún ìpalára ẹ̀dọ̀. Kí ẹ sì má jẹ́ kí èrò pé lé e lórí, afẹ́fẹ́ ni ó ń wá.

*Òfin tí kí ẹ bá kóòṣì sọ*

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ẹ̀yin bàbá ìgbìmọ̀ òbí, ẹ lè tẹ àwọn wọ̀nyí síwájú kóòṣì kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, àkókò. Kí eré líle wà ní àárọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe láàárín aago méjìlá sí mẹ́rin. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá wúwo tí aṣọ kò gbẹ, kí wọ́n gé eré kù.

Èkejì, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré fẹ́ẹ́rẹ́, bíi 30 ìṣẹ́jú, kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí tó ń bọ̀ láti ìdùbúlẹ̀ àìsàn, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ní ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru kò gbọ́dọ̀ sáré rárá. Bí ọmọ yín bá jẹ́ SS, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ irú eré tó lè ṣe. Bó bá jẹ́ AS, ẹ sọ fún kóòṣì, torí eré àsápajúdé nínú ooru ti gbé irú wọn ṣánlẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹta, omi. Kí ìsinmi omi wà ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, nínú ìbòòji, ì báà jẹ́ pé ọmọ béèrè tàbí kò béèrè. Fún ọmọ ọdún 9 sí 12, ìdá márùn-ún sí ìdajì omi inú ọ̀rá kan tó tó lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ lè mu lítà kan sí lítà kan ààbọ̀ ní wákàtí kan bí òógùn bá pọ̀. Omi lásán tó fún eré wákàtí kan. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè po omi iyọ̀ àti ṣúgà: omi inú ọ̀rá méjì tó jẹ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà. Kí wọ́n má sì fi tipá rọ omi fún ẹnikẹ́ni. Ní ìlú Boston ní ọdún 2002, obìnrin kan kú nínú eré ìje gígùn nítorí pé ohun tó mu pọ̀ jù, ó fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù. Ìtọ̀ ni kí ọmọ máa wò: bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì, omi kò tó. Bí ó bá mọ́ díẹ̀ bí omi ọsàn tí a bu omi là, ó dára.

Ẹ̀kẹrin, kò sí fífi eré tàbí òùngbẹ jẹ ọmọ níyà. Kí kóòṣì má fi sísáré yípo pápá tàbí fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú oòrùn jẹ ọmọ tó pẹ́ dé níyà, kí ó má sì fi omi du ọmọ tó pàdánù góòlù.

Ìkarùn-ún, kí ọpọ́n ńlá tàbí tápólì, dúrọ́mù omi tó kún, àti àpò yìnyín wà létí pápá kí ẹnikẹ́ni tó sáré ìṣísẹ̀ kan. Kí wọ́n yan ẹni tí yóò pe ọkọ̀ àti ẹni tí yóò di orí ọmọ mú. Bí ọpọ́n kò bá sí, kí eré má bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo ń bẹ̀ yín fún jù. Ọpọ́n tí ẹ fi ń wẹ ọmọ tàbí fọ aṣọ nílé, tápólì tí ẹ fi ń bo ọjà lọ́jọ́ òjò, ohun tó gba èèyàn 274 là ní Falmouth kò ju ìyẹn lọ. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá ọ̀kan jọ fún ilé ìwé tó wà ní àdúgbò rẹ̀ kí íńtáhaòsì tó dé. Bí ẹ bá ti gbé e débẹ̀, ẹ bá mi sọ fún kóòṣì, kó máa tún un sọ títí yóò fi mọ́ ọn lára: omi kọ́kọ́, ọkọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí òbí kan tí ọmọ rẹ̀ ń sáré. Ire o.